Mo ní ìdá 92 la yanjú láàárín gbèdéke, àwọn máníjà ẹ̀ka bú sẹ́rìn-ín

Àbẹ̀kẹ́_Ìbàdàn (Ọjọ́bọ̀, 2 oṣù Karùn-ún 2024, 8:14 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àwa mẹ́ta la wà nídìí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ ayánilówó kan n'Íbàdàn, ẹ̀ka mọ́kànlá la sì ń bójú tó. GLPI la fi ń gba tíkẹ́ẹ̀tì, mo máa ń kó wọn sí Excel lópin oṣù. Gbèdéke wa ni kí á dáhùn láàárín wákàtí iṣẹ́ 2, kí á sì yanjú ọ̀ràn láàárín wákàtí iṣẹ́ 9. Aago 8 àárọ̀ sí 5 ìrọ̀lẹ́ la fi ń ṣiṣẹ́, Ajé sí Ẹtì. Lóṣù Kẹrin a yanjú tíkẹ́ẹ̀tì 212, 195 nínú wọn bọ́ sínú gbèdéke, 92% nìyẹn. Mo gbé e lọ sípàdé, àwọn máníjà ẹ̀ka bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní nǹkan àwọn ṣì wà nílẹ̀. Mo ti tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta, iye kan náà ni. Níbo ni mo ti ṣì í?

---

Ọmọ_Ọ̀tà (8:22 alẹ́)

Àǹtí, ìdá 8 tó kù yẹn, àwọn ọmọ iṣẹ́ yín ni kí ẹ bi. Ẹ so ó mọ́ owó oṣù wọn. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò bá dé 95 kò ní gba owó ẹ̀bùn lópin oṣù. Kò pé oṣù méjì tí gbogbo wa fi dé 98.

---

Àbẹ̀kẹ́_Ìbàdàn (8:26 alẹ́)

Ẹ ṣeun, bọ̀dá. Àmọ́ kì í ṣe bí a ṣe máa yára ni mò ń bèèrè. Iye tí mo kà ni kò bá ojú àwọn èèyàn mu, ìyẹn ló ń dùn mí.

---

Bàbá_Sáfà (8:41 alẹ́)

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, fi fọ́múlà rẹ sílẹ̀ ná. Wọ inú GLPI lọ, wá gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì tí kò tíì dé `Solved`, tí `Time to resolve` wọn sì ti kọjá kí ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin tó parí. Mélòó ni?

Ìwọ Ọmọ_Ọ̀tà, 98 tirẹ yẹn, èmi náà ní ìbéèrè nípa rẹ̀. N ó padà sọ́dọ̀ rẹ.

---

Àbẹ̀kẹ́_Ìbàdàn (9:02 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́, Bàbá. 28 ni. Àgbà inú wọn ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ 4. N kò kà wọ́n mọ́ ọn, torí wọn ò ní ọjọ́ ìyanjú. Tí fọ́múlà mi bá dé ọ̀dọ̀ wọn, `#####` ló máa ń jáde, ni mo bá fi fílítà yọ wọ́n.

---

Bàbá_Sáfà (9:20 alẹ́)

Ibẹ̀ ni àpò ti lu. Inú 28 yẹn ni àwọn tó fi ọ́ rẹ́rìn-ín wà. Tíkẹ́ẹ̀tì tó ti parí nìkan lo ń bi pé, “Ṣé o parí lásìkò?” Èyí tó burú jù lọ kò tíì parí, nítorí náà ẹnikẹ́ni ò bi í.

Má fi ọjọ́ tí ẹ yanjú tíkẹ́ẹ̀tì kó wọn jọ sí oṣù mọ́. Ọjọ́ tí gbèdéke rẹ̀ pé ni kó o máa lò. Gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì tí gbèdéke rẹ̀ pé lóṣù Kẹrin, inú oṣù Kẹrin ló wà, yálà ẹ yanjú rẹ̀ tàbí ẹ ò tíì yanjú rẹ̀. Tí a bá gbà báyìí pé gbèdéke gbogbo 212 rẹ bọ́ sí oṣù náà, a ní 195 tó bọ́ sákòókò, 17 tó pẹ́, àti 28 tó ṣì wà nílẹ̀. 240 nìyẹn. 195 nínú 240 jẹ́ 81%.

Ẹ̀rọ GLPI fúnra rẹ̀ ti kọ gbèdéke sára tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, o lè bi í tààrà:

```
SELECT COUNT(*) AS gbogbo,
  SUM(solvedate IS NOT NULL
      AND solvedate <= time_to_resolve) AS lasiko
FROM glpi_tickets
WHERE is_deleted = 0
  AND time_to_resolve >= '2024-04-01'
  AND time_to_resolve <  '2024-05-01';
```

Tíkẹ́ẹ̀tì tí kò ní gbèdéke rárá kò ní hàn níbẹ̀ o. Ka àwọn yẹn lọ́tọ̀. Tí wọ́n bá pọ̀, a jẹ́ pé àwọn kan ń wọlé tí òfin àkókò yín kò bá wọn.

---

Lánre_Excel (9:34 alẹ́)

Bàbá, ẹ ti mú un le jù. Kó kàn kó gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì tó *wọlé* lóṣù Kẹrin sísàlẹ̀, kó fi èyí tó bọ́ sákòókò sókè, ó parí. Bí èmi ṣe ń ṣe é láti ọdún mẹ́ta nìyẹn, kò sí èyí tó lè sá mọ́ mi lọ́wọ́.

---

Bàbá_Sáfà (9:47 alẹ́)

Lánre, ìdajì òótọ́ lo mú dání. Lóòótọ́ kò sí èyí tó máa sá lọ. Ṣùgbọ́n wo tíkẹ́ẹ̀tì tó wọlé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọjọ́ 30, aago 3 ọ̀sán. Wákàtí 2 ló lò nínú 9 rẹ̀ kí iṣẹ́ tó parí. Ọjọ́ kejì ni ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́, aago rẹ̀ dúró. Gbèdéke rẹ̀ di Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 2, aago 3 ọ̀sán. Tó o bá ka iye rẹ lálẹ́ ọjọ́ 30, o ti dá ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé lẹ́bi.

---

Lánre_Excel (9:55 alẹ́)

Tí mo bá dúró di ọjọ́ 10 oṣù tó tẹ̀ lé e kí n tó kà á ńkọ́?

---

Bàbá_Sáfà (10:03 alẹ́)

Nígbà náà kò sí àléébù níbẹ̀, gbèdéke gbogbo wọn á ti pé. Ṣùgbọ́n ọ̀gá wo ló ń dúró di ọjọ́ 10?

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ fífi ọjọ́ ìyanjú kó wọn jọ hàn yín. Ká ní lóṣù Karùn-ún, Àbẹ̀kẹ́ àti àwọn méjì yòókù fi ara ṣe é, wọ́n yanjú gbogbo 28 àtijọ́ yẹn pátá. Ká ní tíkẹ́ẹ̀tì 220 ni gbèdéke wọn pé lóṣù náà, wọ́n yanjú gbogbo rẹ̀, 200 bọ́ sákòókò, 20 pẹ́. Lọ́nà àtijọ́, 248 ni wọ́n yanjú, 200 nínú 248 jẹ́ 81%. Oṣù Kẹrin tí wọ́n fi 28 sílẹ̀ gba 92, oṣù Karùn-ún tí wọ́n kó ilẹ̀ mọ́ gba 81! Lọ́nà kejì, oṣù Kẹrin gba 81, oṣù Karùn-ún gba 200 nínú 220, ìyẹn 91.

Ẹni tó bá gbọ́n nínú ikọ̀ á tètè rí i pé, lọ́nà àtijọ́, tíkẹ́ẹ̀tì tó bá ti kọjá gbèdéke kò yẹ ká fọwọ́ kàn mọ́. Ẹ fi í sílẹ̀, kò bà yín jẹ́. Ẹ yanjú rẹ̀, ó bà yín jẹ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn ńkọ́, Àbẹ̀kẹ́?

---

Àbẹ̀kẹ́_Ìbàdàn (10:10 alẹ́)

Ha. Bàbá, n kò ní purọ́. Ẹnì kan nínú wa ti sọ ọ́ rí pé, “Èyí ti jóná ná, ẹ jẹ́ ká mú tuntun.”

---

Ọ̀gá_Ẹ̀ka_Òṣogbo (Ọjọ́ Ẹtì, 7:05 àárọ̀)

Mo rí ọ̀rọ̀ yín, mo ní kí n dá sí i, torí èmi ni irú àwọn tó ń rẹ́rìn-ín yẹn, níbòmíràn. Ọjọ́ Ẹtì kan, aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú, ẹ̀rọ tí akápò fi ń ṣiṣẹ́ kò jẹ́ kó wọlé mọ́. Ó di àárọ̀ Ajé, aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí wọ́n tó tún un ṣe. Àwa ń ṣí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta o! Akápò kan ló dá gbogbo àwọn oníbàárà lóhùn. Nígbà tí ìròyìn dé, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé “wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 50”. Ṣé ìṣirò nìyẹn àbí ìfiniṣẹ̀sín?

---

Lánre_Excel (7:40 àárọ̀)

Ìṣirò ni, sà. Ẹtì, 4:20 sí 5:00, ìṣẹ́jú 40. Ajé, 8:00 sí 9:10, ìṣẹ́jú 70. Àpapọ̀ 110. Lójú ayé wákàtí 64 àti ìṣẹ́jú 50 ló kọjá, àmọ́ aago iṣẹ́ àwọn tó ń tún un ṣe kò rìn lópin ọ̀sẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́, fọ́múlà tí mo ń lò rè é, bóyá a jọ ń lò ó. A2 ni ìgbà tó wọlé, B2 ni ìgbà tí ẹ yanjú rẹ̀, H1 ni 8:00, H2 ni 17:00, K2 sí K20 ni ọjọ́ ìsinmi:

```
=(NETWORKDAYS(A2,B2,$K$2:$K$20)-1)*($H$2-$H$1)
+IF(NETWORKDAYS(B2,B2,$K$2:$K$20),
    MEDIAN(MOD(B2,1),$H$1,$H$2),$H$2)
-MEDIAN(NETWORKDAYS(A2,A2,$K$2:$K$20)*MOD(A2,1),$H$1,$H$2)
```

Kí ẹ fún sẹ́ẹ̀lì náà ní `[h]:mm`. Tí ẹ bá fi `h:mm` lásán sí i, wákàtí 26 á hàn bíi 2, ẹ ó sì máa yọ̀ lórí asán.

---

Ọ̀gá_Ẹ̀ka_Òṣogbo (7:52 àárọ̀)

O ṣeun. Ìṣirò náà yé mi. Kò tù mí nínú síbẹ̀.

---

Bàbá_Sáfà (8:30 àárọ̀)

Máníjà, ẹ ò jẹ̀bi. Fọ́múlà Lánre pé. Àdéhùn ni kò bá iṣẹ́ yín mu: ẹ ń ṣí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ yín kì í ṣí. Nọ́ńbà kankan ò lè wo ìyẹn sàn. Àfi kí ẹ jókòó pẹ̀lú wọn, kí Àbámẹ́ta wọ inú àdéhùn, tàbí kí ẹ gbà pé kò sí níbẹ̀. Ní tèmi, mo máa ń kọ iye méjèèjì sínú ìròyìn: wákàtí iṣẹ́ tí a fi ń dá ara wa lẹ́jọ́, àti wákàtí ayé tí ẹni tó pè wá fi dúró. Ti kejì kì í ní gbèdéke. Kí ọ̀gá sáà rí i ni.

---

Ìyá_Ẹlẹ́rọ_Manchester (9:15 àárọ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ìwòsàn kan níbí ni mo ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Kò sí ẹni tó dárúkọ `Pending`, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ pọ̀ sí jù.

Tí ẹ bá gbé tíkẹ́ẹ̀tì sí `Pending`, aago dúró, ó di ìgbà tí ẹni tó pè bá fèsì. Ó dáa bẹ́ẹ̀, torí a ò lè máa ka àkókò sí wa lọ́rùn nígbà tó jẹ́ pé ẹni náà ni kò gbé fóònù. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, mo ṣàkíyèsí pé bí aago márùn-ún bá ti ń súnmọ́, tíkẹ́ẹ̀tì á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ sí `Pending` bí adìyẹ tó ń wọlé sùn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sí i ni “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ṣì ń ṣe yín bẹ́ẹ̀?” Kò sí ìbéèrè kankan nínú ìyẹn! Wọ́n kàn fẹ́ kí aago dúró ni. Èmi náà ti ṣe é rí, kí n má parọ́.

Bí mo ṣe mú un nìyí: mo wo wákàtí tí wọ́n gbé tíkẹ́ẹ̀tì sí `Pending`. Ká ní ó jẹ́ tòótọ́, yóò fọ́n ká gbogbo ọjọ́. Tiwa kóra jọ sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn iṣẹ́.

---

Àbẹ̀kẹ́_Ìbàdàn (9:31 àárọ̀)

Ẹ ṣé, mà. Àwa kì í lo `Pending` rárá, torí náà aago wa kì í dúró. Àbí ó yẹ ká bẹ̀rẹ̀?

---

Ìyá_Ẹlẹ́rọ_Manchester (9:44 àárọ̀)

Ẹ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n fún ẹni tó pè nìkan, nígbà tí ẹ bá béèrè ohun kan pàtó lọ́wọ́ rẹ̀ tí iṣẹ́ kò lè rìn láìsí rẹ̀. Kí ẹ sì máa kọ sínú ìròyìn pé tíkẹ́ẹ̀tì mélòó lẹ dá aago rẹ̀ dúró. Tí iye yẹn bá ń gòkè tí ìdá yín náà sì ń gòkè, ẹ mọ ibi tí èrè ti wá.

Ìdáhùn àkọ́kọ́ yín ńkọ́? Ìyẹn náà ní tirẹ̀. Ẹ̀rọ tí a lò tẹ́lẹ̀ máa ń fi lẹ́tà “A ti gba tíkẹ́ẹ̀tì yín” ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, ó sì ń kà á sí ìdáhùn. 100% la wà fún ọdún kan gbáko. Ẹ to àkókò ìdáhùn láti èyí tó kéré jù. Bí ẹ bá rí ìdajì wọn tí kò pé ìṣẹ́jú kan, ẹ̀rọ ló ń dáhùn.

---

Ọmọ_Ọ̀tà (10:20 àárọ̀)

Bàbá, mo ti ń dúró kí ẹ bi mí nípa 98 yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fúnra mi kí ẹ tó fà á yọ. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá fẹ́ kọjá gbèdéke, a máa tì í pa pé a ti yanjú rẹ̀, a óò wá ṣí tuntun fún ọ̀ràn kan náà. Aago tuntun. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ní tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin lóṣù kan, gbogbo wọn bọ́ sákòókò, ẹ̀rọ náà kò sì tẹ ìwé kan.

---

Bàbá_Sáfà (10:33 àárọ̀)

Mo mọ̀. Owó tí wọ́n so mọ́ ọn ni mo ti rí i.

---

Àbẹ̀kẹ́_Ìbàdàn (Ọjọ́ Ẹtì, 1:18 ọ̀sán)

Ẹ̀yin àgbà, mo ti bi ẹ̀rọ náà bí Bàbá ṣe ní kí n bi í. Mo sì tún ti Excel kà pẹ̀lú ọ̀nà tuntun, kí n lè fi wọ́n wéra. Àwọn kan nínú 212 mi, gbèdéke wọn bọ́ sí oṣù mìíràn, torí náà 237 ni gbogbo rẹ̀ báyìí. Lórí 237 yẹn àwọn méjèèjì fohùn ṣọ̀kan. Àmọ́ Excel ní 193 ló bọ́ sákòókò, 81%. GLPI ní 186, 78%. Méje ń sọnù. Fọ́múlà tí Bọ̀dá Lánre kọ yẹn gan-an ni mo ń lò. Kí ló dé?

---

Lánre_Excel (1:27 ọ̀sán)

Àkókò ẹ̀rọ sáfà yín ni. Ó ṣeé ṣe kó wà lórí UTC, wákàtí kan ló fi wà lẹ́yìn Nàìjíríà. Àmọ́ ìyẹn kò yẹ kó ṣe nǹkan kan, torí ìgbà tó wọlé àti ìgbà tó yanjú jọ máa yẹ̀ ni, ìyàtọ̀ wọn kò yí padà.

---

Bàbá_Sáfà (1:41 ọ̀sán)

Ìyàtọ̀ wọn kì í yí padà tó bá jẹ́ aago ayé lò ń kà. Aago iṣẹ́ ní ẹnu ọ̀nà, aago 8 àti aago 5, ẹnu ọ̀nà yẹn kì í yẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì tó wọlé ní 4:50 ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n yanjú ní 5:20, ìṣẹ́jú 10 ló jẹ́. Lórí UTC á di 3:50 sí 4:20, ìṣẹ́jú 30. Ohun tó máa sọ fún ọ ni tíkẹ́ẹ̀tì tó kọ́kọ́ ń wọlé láràárọ̀. Bí ẹ̀ka bá ń ṣí ní 8, tí tíkẹ́ẹ̀tì ń wọlé ní 7:05, 7:10 lójoojúmọ́, UTC lò ń wò.

Ṣùgbọ́n Àbẹ̀kẹ́, kì í ṣe ìyẹn ni mo fura sí. Méje yẹn, ọjọ́ wo ni wọ́n wọlé?

---

Àbẹ̀kẹ́_Ìbàdàn (2:05 ọ̀sán)

Àkókò wa tọ̀nà, tíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ òní wọlé ní 8:03.

Bàbá!! Gbogbo méjèèje, Ajé ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ni. A sì yanjú gbogbo wọn ní Ẹtì ọjọ́ 12.

---

Bàbá_Sáfà (2:19 ọ̀sán)

Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ ni. Ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ kéde Ìṣẹ́gun ọjọ́ 9 àti Ọjọ́rú ọjọ́ 10. Nígbà tí wọn ò rí oṣù, wọ́n fi Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 11 kún un. O fi ọjọ́ 11 sínú òpó K rẹ, ẹnikẹ́ni kò fi í sínú GLPI.

Mú ọ̀kan nínú wọn ká jọ kà á. Ká sọ pé ó wọlé ní Ajé, 3:30 ọ̀sán, ẹ yanjú rẹ̀ ní Ẹtì, 10:00 àárọ̀. Ní Ajé, wákàtí 1 àti ààbọ̀. Ní Ẹtì, wákàtí 2. Wákàtí 3 àti ààbọ̀ péré, ó bọ́ sínú 9. Àmọ́ ẹ̀rọ tí kò mọ̀ pé Ọjọ́bọ̀ jẹ́ ìsinmi ti fi odindi wákàtí 9 kún un, ó di 12 àti ààbọ̀, ó ti kọjá gbèdéke. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló dá ẹjọ́ náà.

Lọ sí `Setup > Dropdowns`, wá `Close times`, fi ọjọ́ 11 sí i, kó o sì rí i pé kàlẹ́ńdà tí òfin àkókò yín ń lò mú un. Ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì tó ti wọlé ti gba gbèdéke tirẹ̀, ó ti wà nínú àkọsílẹ̀. Kò ní torí pé o tún kàlẹ́ńdà ṣe lónìí kó yí padà fúnra rẹ̀. Fún oṣù Kẹrin, lo ti Excel, kó o sì kọ ìlà kan sábẹ́ ìròyìn pé ìdí ìyàtọ̀ rè é. Láti ìsinsìnyí lọ, alẹ́ tí ìjọba bá kéde ìsinmi ni kí ẹ fi sí i. Ọdún Iléyá ń bọ̀ ní oṣù Kẹfà.

---

Àbẹ̀kẹ́_Ìbàdàn (2:33 ọ̀sán)

Mo ti fi sí i. 193 nínú 237 ni mo máa gbé lọ, 81%. Bàbá, ó dà bíi pé mo fẹ́ lọ jẹ́wọ́.

---

Ọ̀gá_Ẹ̀ka_Òṣogbo (2:50 ọ̀sán)

Àwa yóò gba 81 gbọ́. 92 ló jẹ́ ká má gba ohunkóhun gbọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ra o. Bí ẹ bá fi àwọn tó gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù, tí ẹ ń yanjú ní ìṣẹ́jú márùn-ún, bo ọjọ́ tí gbogbo ẹ̀ka kò ní íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀, a ó tún rẹ́rìn-ín.

---

Lánre_Excel (3:02 ọ̀sán)

Ìyẹn tọ̀nà. Àmọ́ tí ẹ bá yọ àwọn ńlá sọ́tọ̀, ẹ má kọ ìdá ọgọ́rùn-ún sí wọn. Tíkẹ́ẹ̀tì 3 lóṣù kan, ọ̀kan pẹ́, ó di 67%, oṣù kejì á di 100%. Ẹ kàn kọ ọ́ pé “2 nínú 3”, kí ẹ sì sọ ohun tó ṣe ẹ̀kẹta.

---

Àbẹ̀kẹ́_Ìbàdàn (3:15 ọ̀sán)

Ọ̀rọ̀ íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn ni ìbéèrè tó kù fún mi. 11 nínú àwọn tó pẹ́ àti àwọn tó ṣì wà nílẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ń fún wa ní íńtánẹ́ẹ̀tì la ń dúró dè. Ṣé aago yẹ kó dúró fún àwọn yẹn? Kì í ṣe ẹ̀bi wa.

---

Ìyá_Ẹlẹ́rọ_Manchester (3:28 ọ̀sán)

Kò yẹ. Ẹni tó wà ní ẹ̀ka kò mọ̀ wọ́n, ẹ̀yin ló mọ̀. Ẹ̀yin lẹ bá wọn ṣàdéhùn.

---

Lánre_Excel (3:36 ọ̀sán)

Èmi ò gbà, mà. Èèyàn mẹ́ta ni wọ́n. Ẹ ò lè fi wáyà tí wọ́n gé lójú pópó dá wọn lẹ́bi. Ẹ dá aago dúró, kí ẹ sì kọ iye ìgbà tí ẹ dá a dúró sí ìròyìn, bí ẹ̀yin fúnra yín ṣe wí.

---

Ìyá_Ẹlẹ́rọ_Manchester (3:41 ọ̀sán)

Bí wọ́n bá dá a dúró, ta ló máa pe ilé iṣẹ́ náà lójoojúmọ́? Mo ti rí i. Aago tó dúró, ẹnikẹ́ni ò tún wò ó.

---

Bàbá_Sáfà (4:20 ìrọ̀lẹ́)

Mo ti gbọ́ ìjà yìí ní gbogbo ilé iṣẹ́ tí mo ti ṣiṣẹ́, n kò rí ibi tó ti parí. Tèmi ni pé kí aago ẹni tó pè máa rìn, kí aago mìíràn sì wà lọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́ tí ẹ ń sanwó fún. GLPI ní ibi tí wọ́n ń kọ irú ìyẹn sí. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tún àdéhùn ṣe pẹ̀lú wọn, ẹ ó ní ọjọ́ àti wákàtí 11 yẹn lọ́wọ́. Àmọ́ ọ̀gá rẹ ló máa sọ èyí tó fẹ́, Àbẹ̀kẹ́. Ohun tí o kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kó o yí i padà láàárín oṣù.

---

Àbẹ̀kẹ́_Ìbàdàn (Ajé, 6 oṣù Karùn-ún, 6:47 ìrọ̀lẹ́)

Mo ti gbé e lọ. Ọ̀gá wo 81, ó wo 92 ti tẹ́lẹ̀, ó ní, “Ta ló ba iṣẹ́ jẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́rin?” Mo fi 28 tó wà nílẹ̀ hàn án lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọlé. Ó kà á títí dé ìsàlẹ̀. Kò tíì sọ nǹkan kan nípa íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń tẹ̀wé láti aago mọ́kànlá àárọ̀ yìí. Ohun tí kò ju ẹ̀yà kékeré kan lọ ló bàjẹ́ lára rẹ̀.

---

Ọmọ_Ọ̀tà (6:52 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ má tì í pa o, Àǹtí, títí wọ́n á fi tẹ ogún ìwé.